Tẹmómítà ka 102: ṣé ibà ńlá nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí, àwọn ẹbí mi ni mo kọ ọ́ sí lórí Wọ́sáàpù nítorí ọmọ àbúrò mi ọkùnrin tí ara rẹ̀ gbóná ní Ọbántokò. Ohun kan náà ni mo rí pé ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú níbí, ni mo bá gbé e wá bó ṣe wà. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ẹbí yòókù, mo kí yín o. Mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ èsì mi, kí ẹ lè máa padà kà á.

Tẹmómítà tí Bọ̀ọ̀dá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà kò bàjẹ́. Fáránáìtì ni wọ́n fi ń ka ìgbóná ara lọ́hùn-ún, Sẹ́lísíọ́ọ̀sì la fi ń kà á ní ilé ìwòsàn wa níbí. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi rí 102 tí wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń ṣèké, pé 37 tàbí 38 ni àwọn máa ń gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Ẹ yọ 32 kúrò nínú 102, yóò ku 70. Ẹ sọ 70 náà di ìlọ́po márùn-ún, yóò di 350. Ẹ wá pín 350 sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ẹ máa rí 38.9. Ìgbóná kan náà ni 102 àti 38.9.

Àbúrò mi, ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì ara tẹmómítà lóru tí 102 fi di 38.9, tí o sì kọ ọ́ síbí pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti wálẹ̀. Kò tíì wálẹ̀. Ṣe ni ẹ̀rọ náà yí ọ̀nà tó ń gbà kà á padà. Lẹ́tà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, °F tàbí °C. Òun ni kí o kọ́kọ́ máa wò kí o tó wo nọ́ńbà. Láti òní lọ, ẹ fi í sí ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má tẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́ títí ara ọmọ á fi yá.

Kí ló wá dé tí mo fi ń pè é ní ibà ńlá? Ara ẹni tó le máa ń wà ní nǹkan bíi 37, ìyẹn 98.6 lórí ẹ̀rọ Bọ̀ọ̀dá. Ó lè lọ sókè díẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kó sì wálẹ̀ díẹ̀ ní ìdájí, kò sí aburú ńbẹ̀. Bó bá ti pé 38, ìyẹn 100.4, ibà ti dé nìyẹn. Bó bá wá ń sún mọ́ 39, a kì í pè é ní ara lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́. Ẹ má wò ó pé 98 sí 102 kò jìnnà. Àyè tó wà láàárín ara tó le àti ìgbóná tó lè gbẹ̀mí ènìyàn kò fẹ̀ rárá, láti 37 sí nǹkan bíi 42 ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ wa ti gun ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Abíyá lẹ sì fi tẹmómítà sí, bẹ́ẹ̀ inú ara máa ń gbóná ju abíyá lọ.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. 102 fúnra rẹ̀ kò ní jó ọpọlọ ọmọ. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé ara rẹ̀ ń bá nǹkan kan jà, ó sì yẹ ká wá nǹkan ọ̀hún. Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ní eyín ni. Eyín lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kó máa ké, kó máa fi ìka sẹ́nu, kí ara rẹ̀ lọ́ díẹ̀. Kì í gbé ara dé 102. Bí a bá torí eyín fọwọ́ lẹ́rán, ibà ẹ̀fọn lè wà ńbẹ̀, ó lè jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ìtọ̀, ó lè jẹ́ òtútù àyà, a ò sì ní mọ̀.

Lálẹ́ yìí, ẹ bọ́ súwẹ́tà àti fìlà kúrò lára rẹ̀, kó wọ aṣọ fẹ́lẹ́ kan. Kó máa mu ọmú àti omi díẹ̀díẹ̀. Kílógíráàmù 11 ló wọ̀n nígbà tí ẹ gbé e lọ gba àjẹsára gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù olómi ti mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, kí ẹ fún un ní mílílítà 5 náà. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ó di lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó tún un fún un, bí ara rẹ̀ bá ṣì gbóná tí kò sì rọrùn fún un.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà, èyí tí wọ́n máa ń gún ìka fún. Kò gba àkókò. Ẹ má lọ ra oògùn ibà ẹ̀fọn ní kẹ́míìsì ṣáájú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè mu ọmú, tàbí ó ń bì gbogbo ohun tó mu, tàbí gìrì mú un, tàbí ó ń sùn ṣáá tí kò ṣe é jí, tàbí ó ń mí gúlegúle tí igbá àyà rẹ̀ ń wọnú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ pè mí lójú ọ̀nà."

Ohun tí mo kọ sí wọn nìyẹn.

Bàbá Ìbejì Láfẹ́ńwá

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Abíyá kì í sọ òótọ́ tán. Ohun tó bá fi hàn, ẹ fi 1 lé e. 102 yẹn, 103 ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ìbejì mi nìyẹn. Táyé ka 38 lọ́jọ́ kan, mo fi 1 lé e, ó di 39, mo gbé e dìde lóru ọjọ́ náà.

Apòògùn Kútọ̀

Bàbá Ìbejì, ẹ gba ọ̀nà tó dáa, ṣùgbọ́n ẹ rìn kọjá ilé. Lóòótọ́ ni inú ara ń gbóná ju abíyá lọ. Àmọ́ 1 ti Fáránáìtì kò tó 1 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó fi díẹ̀ ju ìlàjì rẹ̀ lọ ni. 1 tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi lé e, ti Fáránáìtì ni. Ẹ̀yin wá fi lé 38 tó jẹ́ Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ fi nǹkan lé 38 yẹn, 38.6 ni yóò jẹ́, kò ní dé 39.

Ìyàtọ̀ abíyá sí inú ara kì í tilẹ̀ dúró sójú kan. Ọmọ tó ń làágùn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ọmọ tí aṣọ há sí abíyá rẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, oríṣiríṣi ni. Ohun tó dára jù ni kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí gan-an sílẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ pé abíyá ni, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti ro nǹkan mọ́ ọn nílé, dókítà náà lè tún ro tirẹ̀ mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹ nu òógùn abíyá rẹ̀ gbẹ, kí ẹnu tẹmómítà kan awọ ara ní kòtò abíyá, kí ẹ wá fa apá rẹ̀ mọ́ra títí tí yóò fi dún. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú 20 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bàbá Ìbejì, gbígbé tí ẹ gbé Táyé lọ kò burú o.

Oníṣòwò Ìtòkú

Tèmi náà ka 102 lánàá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ mi lápá. Ṣé ibà ni, àbí kí n lọ ra parasitamọ́ọ̀lù? Kò sí ohun tó ń ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Rárá o, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá ń wọ̀n, kò mọ ìgbóná ara. Ẹ má ra oògùn ibà torí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń yọ lójú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìkẹta sì ni lílù ọkàn. 102 tó bá wà lókè àti 102 tó bá wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bó bá jẹ́ tìsàlẹ̀ ni, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi falẹ̀.

Ìyá Àgbà Ìtòkò

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti tọ́ ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ-ọmọ. Mo mọ ara gbígbóná eyín. Orí ọmọ á gbóná janjan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù bí omi àmù, á sì máa gbọ̀n. Ẹ sọ fún mi, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù tó ń gbọ̀n, ṣé aṣọ lèèyàn ń bọ́ lára rẹ̀? Àwa máa ń fi aṣọ òfì wé e ni, a ó fi àdín ra á lára, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, eyín á ti yọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Màmá, ẹ ṣé, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ohun tí ẹ rí yẹn, òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ ibi tí ìgbóná ara máa dúró sí. Ní ọjọ́ tí ara bá le, 37 ló pa láṣẹ. Bí àrùn bá wọlé, ó lè pàṣẹ pé kó di 39. Lásìkò yẹn, ara ṣì wà ní 37 àti díẹ̀, kò tíì débi tí wọ́n ní kó dé, ara á wá máa ṣe bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ lọ sínú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù. Ara á máa gbọ̀n kó lè gbóná sí i. Nítorí náà, Màmá, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù tí orí rẹ̀ gbóná, ibà rẹ̀ ṣì ń gòkè ni. Bí ẹ bá fi òfì wé e lásìkò yẹn, ooru ara rẹ̀ kò ní ríbi jáde.

Bó bá ń gbọ̀n, aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó láti bò ó. Bí gbígbọ̀n náà bá ti dáwọ́ dúró, ẹ ṣí i. Nígbà tí ọpọlọ bá dá àṣẹ rẹ̀ padà sí 37, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ẹ̀yin náà á rí i pé ibà ń wálẹ̀.

Ìyá Àgbà Ìtòkò

O ṣeun, ọmọ mi. Ti òtútù ẹsẹ̀ yẹn yé mi, mo gbà. Ti eyín, n kò tíì gbà o. Ojú mi ló ṣe.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Mo ń ka yín látàárọ̀. Ní àkókò tèmi ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, bí ọmọ bá dé pẹ̀lú 39, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ la kọ́kọ́ máa ń gbé. A ó ki tówẹ̀lì bọ̀ ọ́, a ó máa nù ú lórí, lábíyá, níbi itan, títí ara á fi wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì, n kò rí i nínú ọ̀rọ̀ yín, ó sì yà mí lẹ́nu. Omi tútù la kì í lò.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Ọ̀gá mi, ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Omi kò lè yí àṣẹ ọpọlọ padà. Awọ ara á tutù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àṣẹ 39 ṣì wà níbẹ̀, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kó lè gòkè padà, á sì máa ké. Parasitamọ́ọ̀lù ló ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ ka omi nínù sí mọ́.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé tí parasitamọ́ọ̀lù ti tán lóru, tí iná kò sí, tí ooru mú gbogbo ilé, n kò ní sọ fún ìyá pé kó káwọ́ gbera. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò pa ọmọ kankan lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Lórí èyí, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, Ọ̀gá mi. Bí ọmọ náà kò bá gbọ̀n tí kò sì ké, n kò ní já tówẹ̀lì gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Omi tútù, omi yìnyín, ọtí líle, àwa méjèèjì ò fẹ́ ìyẹn.

Ìyá Ìkókó Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀. Ìkókó mi ọlọ́sẹ̀ márùn-ún, 100.6 lòun ka lábíyá, °F ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì dé 102 tí ẹ pè ní ibà ńlá, nítorí náà mo fẹ́ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kékeré kí n wò ó di ọ̀la. Ó kàn ń sùn ni, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ mu ọmú.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Ìyá Ìkókó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ dìde báyìí. 102 tí mo kọ, ti ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ ni. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, 100.4 ti tó fún un láti dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ó sì ti kọjá ìyẹn. 38.1 ni 100.6. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ márùn-ún kò tíì ní agbára láti dá àrùn dúró sójú kan, àrùn lè wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ibà rẹ̀ kì í sì í sábà ga kó tó burú. Nígbà míì ara ìkókó tó ṣàìsàn gidi á tilẹ̀ tutù ni. Ẹ tún sọ pé ó ń sùn, kò fẹ́ mu ọmú. Ìyẹn nìkan ti tó, ká tilẹ̀ ní kò sí nọ́ńbà kankan.

Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ tó lọ. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí Ilé Ìwòsàn Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, èyíkéyìí tó bá yá yín. Ẹ gbé e mọ́ àyà yín, kó máa gbìyànjú ọmú lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí rẹ̀: "ọlọ́sẹ̀ márùn-ún ni, 100.6 ní Fáránáìtì lábíyá, kò mu ọmú." Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sórí ìlà láì gbọ́ ìyẹn.

Bàbá Ìbejì Láfẹ́ńwá

Ìyá Ìkókó, bí ẹ ò bá rí ọkọ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mọ́tò mi wà nílẹ̀.

Ìyá Ìkókó Pánṣẹ́kẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, ọkọ mi ti gbé wa. A ti wà ní Ìdí-Àbà. Bí mo ṣe dárúkọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti gba ìtọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Wọn ò tíì sọ ohun tó jẹ́. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Apòògùn Kútọ̀

Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa "parasitamọ́ọ̀lù kékeré" tó mẹ́nu bà yẹn, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Oríṣi méjì ti ọmọdé ló wà lórí àtẹ wa. Ọ̀kan ni sírọ́ọ̀pù inú ìgò ńlá, mílígíráàmù 120 tàbí 125 ló wà nínú mílílítà 5. Èkejì ni oníkíkán, inú ìgò kékeré tó ní rọ́bà ìfàmu, mílígíráàmù 100 ló máa ń wà nínú mílílítà 1 péré. Àwọn òbí rò pé nítorí ìgò rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ kéré. Òdìkejì ni. Bí ẹni tó ń fún ọmọ kílógíráàmù 11 ní mílílítà 5 sírọ́ọ̀pù bá lọ ra oníkíkán tó sì fún un ní mílílítà 5 rẹ̀, ó ti fún un ní mílígíráàmù 500, ìyẹn bí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa jìyà rẹ̀, kò sì ní hàn lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ ni ká fi wọ̀n ọ́n: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24.

Bàbá Ọmọ Ọbántokò

Èmi ni àbúrò Nọ́ọ̀sì, èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. Àǹtí mi, ẹ ṣeun. A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, ibà ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́. A ti lo mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí ó tún ka 101.2, °F ni, mo wo lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Màmá ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́, kí n lọ ra òmíràn tó le jù ú lọ.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

O kú ìtọ́jú. 101.2 jẹ́ 38.4, o rí i pé ó ti wálẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ibà ẹ̀fọn kì í lọ lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó lè lọ kó tún padà fún bí ọjọ́ méjì kó tó lọ tán. Má ra òmíràn, má sì dá èyí dúró nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ lò ó tán. Sọ fún mi, kí lo fi ń fún un?

Bàbá Ọmọ Ọbántokò

Omi lásán ni. Kò fẹ́ jẹun.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Ẹ̀gbá

Ibẹ̀ ni kí a tún ṣe. Oògùn yẹn fẹ́ ọ̀rá kó tó lè wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Lọ̀ ọ́, pò ó mọ́ omi díẹ̀ fún un, kí ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ fún un ní ẹ̀kọ tí ẹ bu mílíìkì sí, ìwọ̀nba tó bá lè gbà. Bó bá bì í láàárín wákàtí kan, tún ẹyọ kan fún un, kí o sì sọ fún mi, torí a ní láti wá ẹyọ kan rọ́pò rẹ̀. Wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọ̀la àti lálẹ́ ọ̀la, abíyá kan náà, °F kan náà, kí o kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá lo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán tó tún ka 100.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, padà síbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí o mú ìwé náà dání. Bí gìrì bá mú un kí ó tó dìgbà náà, tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, má ki ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, wo aago, kí o sì gbé e bọ̀ ní Ìjàyè.